Ọ̀já tí Màmá fi pọn Monílọ́lá

Báàgì méjì ni wọ́n gba Monílọ́lá ọ̀rẹ́ mi láyè láti gbé lọ sí Kánádà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju kìló mẹ́tàlélógún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti wọ̀n wọ́n. Ó ti yọ elùbọ́, ó ti yọ ìkòkò, ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà nítorí bàtà. Nígbà tí mo sọ fún un pé màá fún un ní ohun tí yóò fi máa rántí ilé, ó ní ohunkóhun tó bá ti wúwo ju lẹ́tà lọ, kí n máa lò ó lọ́dọ̀ mi.

Ó bí mi nínú díẹ̀, àmọ́ mi ò jẹ́ kó mọ̀. Oǹdó la ti jọ dàgbà kí iṣẹ́ ìjọba tó gbé e wá sí Àkúrẹ́, tí èmi náà sì tẹ̀ lé e wá ṣí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ sí Ọ̀bà-Ilé nítòsí ibẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò lọ bá Akíntóyè ọkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, Ọlọ́run kò tíì dá wọn lóhùn lórí ọmọ. Kò sí ẹni tó mọ ẹkún ọ̀rọ̀ yẹn tó mi, síbẹ̀ èmi náà ni mo gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí n rántí.

Mo wá ẹ̀bùn títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Ife tí wọ́n ya àwòrán sí lè fọ́. Ère igi wúwo, bí kòkòrò bá sì ti jẹ ẹ́, àwọn aṣọ́bodè Kánádà ò ní jẹ́ kó gbé e wọlé. Mo dábàá kóró kòkó láti oko bàbá mi, tàbí erùpẹ̀ iwájú ilé wa nínú ìgò kékeré. Monílọ́lá ní irúgbìn àti erùpẹ̀ kò ní kọjá, wọ́n á dà á nù, wọ́n á sì tún máa bi òun léèrè ọ̀rọ̀ lórí ìlà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ni mo bá ra kí-hódà, ohun tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́, tó ní àwòrán Nàìjíríà. Kí n tó délé ni mo ti kórìíra rẹ̀. Ta ló sọ pé ó fẹ́ gbàgbé orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀?

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó lọ bá Màmá, ìyá tó bí mi. Nígbà tí Monílọ́lá wà lọ́mọ oṣù mẹ́rin, ìlú Bọ́lọ́rundúró ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣe tíṣà. Ìdájí ni wọ́n ń jáde, Màmá ni wọ́n sì ń gbé ọmọ sílẹ̀ fún. Èmi ti ń rìn nígbà yẹn, nítorí náà ẹ̀yìn Màmá ṣófo. Títí ọmọ náà fi já ẹ̀yìn, ọ̀já kan náà ni wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n, ọ̀já kíjìpá tí ìyá tó bí Màmá fi ọwọ́ ara wọn hun, aláró tó ní ìlà funfun létí.

Mo ṣàlàyé ohun tí mo ń wá. Màmá wọ yàrá, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀já náà jáde láti inú àpótí wọn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Gbé e fún un,” Màmá wí. “Sọ fún un pé ẹ̀yìn mi ṣì mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò gbọ́ yé. Mo délé, mo gbé ọ̀já lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, lọ́dọ̀ Morẹ́nikẹ́ tó ń ṣe kéèkì, mo ní kó bá mi gbé e sórí ìwọ̀n tó fi ń wọn fúláwà. Ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù. Mo rántí lẹ́tà, mo mi orí. Ọgbọ́n ti dé nìyẹn: màá gé e.

Aránṣọ ni mí, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo fa fọ́nrán òwú kan yọ láti etí dé etí, kí ojú ibi tí sísọ́ọ̀sì máa gbà lè gún, torí aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun kì í gba àṣìṣe. Mo gé ègé kan tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Kíjìpá a máa tú bí wọn ò bá tètè dí i létí, nítorí náà mo fi máṣíìnì dí i, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ lẹ̀ ẹ́. Mo rẹ ẹ́ sínú omi tútù kí aró má bàa ran aṣọ míì nínú báàgì. Omi kìíní dúdú, ìkejì ṣì ní àwọ̀, ìkẹta mọ́. Mo sá a síbi tí oòrùn kò sí, mo lọ̀ ọ́, mo gbé e padà sórí ìwọ̀n. Kò tó ọgbọ̀n gíráàmù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Morẹ́nikẹ́ gbé e yẹ̀ wò, ó ní ó dára, ó sì bi mí pé aṣọ kí ni. Mo sọ fún un, àti ẹni tí mo fẹ́ fún. Ó gbé e kalẹ̀.

“Ọ̀já ọmọ lo fẹ́ gbé fún ẹni tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́wàá? O sì tún gé e?”

Bí ẹlòmíì bá ṣe irú nǹkan yìí sí Monílọ́lá, èmi ni màá kọ́kọ́ pè é ní ìkà. Wọ́n á ní mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ìdágbére. Mo ti ọ̀já tó kù bọ inú apẹ̀rẹ̀ aṣọ, mo pinnu pé kí-hódà ni mo máa fún un. Síbẹ̀ mo gbé ègé aṣọ náà sínú báàgì ọwọ́ mi, mi ò mọ ìdí.

Lọ́jọ́rú, mo bá a nílé rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ó ń wọn ẹrù lẹ́ẹ̀karùn-ún. Mo na kí-hódà sí i. Ó dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní rìsíìtì. Ó ní kí n bá òun mú bírò wá, ó sì ti ọwọ́ bọ inú báàgì mi fúnra rẹ̀ kí n tó gbọ́ràn. Ègé aṣọ ló mú jáde.

Ó gbé e símú. Gbogbo omi tí mo fi fọ̀ ọ́ kò gba òórùn àpótí Màmá kúrò lára rẹ̀.

“Ọ̀já Màmá nìyí,” ó ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú, mi ò rò ó dáadáa, mi ò ní i lọ́kàn láti dá a lóró. Ó ní kí n dákẹ́.

“Èyí tó kù dà?”

Mo ní ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo gé e nítorí ó wúwo.

“Ta ló sọ fún ọ pé ó wúwo fún mi?” Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. “Láti ọdún mẹ́wàá, gbogbo èèyàn ló ń gbé nǹkan ọmọ pa mọ́ fún mi. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, wọn kì í sọ fún mi. Ìyá rẹ nìkan ni kò tíì rò pé mi ò ní lò ó. Ìwọ náà wá fẹ́ gbé e pa mọ́.”

Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí Màmá fi rán mi, pé ẹ̀yìn àwọn ṣì mọ̀ ọ́n. Ó sunkún, èmi náà sunkún, a wá gun ọ̀kadà kan ṣoṣo lọ sí Ọ̀bà-Ilé.

Mo dí etí ibi tí mo gé lára ọ̀já, ó jókòó tì mí. Mo ní kó fún mi ní ègé yẹn kí n rán an mọ́ ọn padà. Ó kọ̀. Ó wé ọ̀já mọ́ ìbàdí lábẹ́ búláòsì, ó ní ohun tó wà lára èèyàn, wọn kì í wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ègé kékeré náà sórí máṣíìnì mi, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

“Ìwọ lo ń dúró nílé,” ó ní. “Tìrẹ nìyí.”

Ó lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo jókòó sídìí máṣíìnì láti àárọ̀, àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde. Mi ò lè gbé aṣọ kankan lé ibi tó tẹ́ ègé ọ̀já náà sí.