Ohùn Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Ó pé oṣù mẹ́ta tí ìyá ọlọ́ṣẹ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ ò sì tíì lè sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà. Òun ló ń bójú tó ojú ìwé òwò wọn lórí ayélujára, ní orúkọ ìyá rẹ̀. Ó ń kọ ìtàn gígùn fún àwọn àgbà orí Fesibúùkù, ó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí Ínsítágíráàmù, ó ń ki àwàdà bọ fídíò Tíkítọ́ọ̀kì fún àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé kan náà ló ń lò níbi gbogbo, ìkíni ìyá rẹ̀ ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin aláwọ̀ ire mi!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ kan tó ń gbé ìlú mìíràn, tí kò tíì gbọ́ ikú rẹ̀, kọ ọ́ sábẹ́ ìtàn tuntun pé: "Ọ̀rẹ́ mi, ara rẹ mà ti yá! Mò ń bọ̀ wá kí ẹ lọ́la."

Ọmọ jókòó láti túfọ̀ ìyá rẹ̀. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Gbogbo rẹ̀ ń dún bí ọ̀rọ̀ àjèjì. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ gba ọ̀nà tó ti mọ́ ọn lára. Ó ti fi í sójú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó kà á:

"Ẹ̀yin aláwọ̀ ire mi, ẹ má bínú o. Mo ti kú."