Kóró Mẹ́jọ Nínú Ìgbẹ́ Alásè

Nígbà kẹrin tí Alásè gbé ike ìgbẹ́ rẹ̀ wá sí ojú fèrèsé mi, kò kí mi. Ó gbé e kalẹ̀, ó fara ti ògiri, ó mí.

"Bàbá," ó ní, "ẹ bá mi wá ibi tí àwọn kòkòrò yìí ń sá pamọ́ sí. Mo ti gbé oògùn mì débi pé omi lásán ń korò lẹ́nu mi."

Èmi ni mo ń yẹ ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn kékeré yìí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Yàrá mi ní tábìlì kan, garawa omi kan, ẹ̀rọ awò kan tí ń jẹ́ kí a rí ohun tí ojú lásán kò lè rí, àti fèrèsé kékeré tí àwọn ènìyàn ń ti ike wọn gbà. Bàbá Awò ni wọ́n ń pè mí. Àwọn tí kò bẹ̀rù àgbà ní orúkọ mìíràn fún mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Alásè ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé kan tí wọ́n ń sùn nínú ọgbà. Ọgọ́fà ọmọ. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń dáná gbọ́dọ̀ mú ìwé àyẹ̀wò ìgbẹ́ wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó wá ṣe é. Mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: a rí sísìtì. Ìyẹn ni kòkòrò tó ti ká ara rẹ̀ sínú èèpo, tó ń sùn, tó ń retí ikùn ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì ka ìwé náà, ó kọ mẹtironidasóòlù fún un, oògùn ọjọ́ márùn-ún. Ilé ìwé ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilé ìdáná títí ìwé rẹ̀ yóò fi mọ́. Ó lo oògùn tán, ó padà wá. A rí sísìtì. Oògùn. Ó tún padà wá. A rí sísìtì. Oògùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án nìyẹn.

"Wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi," ó ní. "Ọjọ́ Ẹtì. Bí ìwé mi kò bá dára, wọ́n á gba ẹlòmíràn pátápátá. Obìnrin tí wọ́n fi dípò mi, iyọ̀ kò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Omi Òkun."

"Ọjọ́rú la wà yìí."

"Mo mọ ọjọ́ tí a wà, Bàbá."

Ó wò mí. Ìsàlẹ̀ ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun bí ìwé. Mo rí i. Mi ò rò ó jìnnà. Ike mọ́kànlá ló wà níwájú mi, ẹ̀yìn sì ń dùn mí.

Mo da omi iyọ̀ díẹ̀ sórí dígí, mo po ìgbẹ́ díẹ̀ mọ́ ọn, mo bò ó, mo wò ó. Wọ́n wà níbẹ̀. Róbótó, wọ́n ń dán. Mo mú ìwé, mo kọ ohun tí mo máa ń kọ.

Nọ́ọ̀sì ló gbé ìwé náà padà wá. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú bí ọ̀sán bá pọ́n. Òun nìkan ló ń wo gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ oògùn yìí lẹ́ẹ̀kẹrin. Sísìtì ti kí ni?"

Mo ń nu dígí lọ.

"Mo ní, sísìtì ti kí ni? Àbí gbogbo sísìtì ọmọ bàbá kan náà ni?"

Dókítà Àgbà tó wà níbí tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa ń bi mí ní ìbéèrè yẹn. Nígbà tirẹ̀, mo kàn ń kọ "a rí sísìtì" ni. Òun á wá kan fèrèsé, á ní, "Ẹ̀yin ọ̀gbẹ́ni, èwo ni?" Èmi á sọ fún un lẹ́nu. Bí a ṣe ń ṣe é fún ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn. Ó lọ. Kò sẹ́ni tó wá kan fèrèsé mọ́. Mo sì ń kọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà lọ, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀ wá gba ìdajì tó kù.

"Mi ò mọ èwo ni," mo ní. "Omi iyọ̀ kò tó. Áyódìn ló ń kun kóró inú wọn kí ojú lè kà á. Áyódìn mi ti tán láti oṣù mẹ́fà."

"Ẹ kò béèrè?"

"Mo kọ lẹ́tà kan. Wọn kò fèsì. Mi ò kọ èkejì."

Ó jókòó sórí àpótí mi. Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi.

"Áyódìn tó wà nínú àpótí oògùn ọgbẹ́ ńkọ́?"

"Kì í ṣe irú rẹ̀."

Alásè ti gbọ́ wa láti ojú fèrèsé. "Ṣé omi pupa tí wọ́n máa ń kán sórí búrẹ́dì tó fi ń di dúdú ni?" ó ní. "Ó wà ní yàrá sáyẹ́ǹsì wa. Ilé ìdáná ni wọ́n lé mi kúrò. Wọn kò lé mi kúrò ní yàrá sáyẹ́ǹsì."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Alásè lọ gbé e wá, ó pẹ́ kó tó dé. Ó dúró lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀nà kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìgò náà kéré, olùkọ́ ti lẹ orúkọ mọ́ ọn. Áyódìn gidi ni. Mo ní kí Alásè fún mi ní ìgbẹ́ tuntun ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí ti òní ti pẹ́ jù lórí tábìlì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, mo ṣe dígí méjì. Ọ̀kan, omi iyọ̀. Èkejì, áyódìn. Mo fi awò kékeré wá wọn, mo fi awò ńlá kà wọ́n. Sísìtì náà ti pọ́n bí ìrẹsì tí a fi epo sè. Kóró inú rẹ̀ yọ síta. Mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ awò sókè, mo yí i sílẹ̀, nítorí kóró náà kò sí ní ipele kan. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún. Mo dúró. Mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́jọ. Mo lọ sí òmíràn. Mẹ́jọ. Mo ka ogún. Àwọn tó gbó dáadáa, mẹ́jọ mẹ́jọ ni.

Mo pe Nọ́ọ̀sì kó wá wò ó.

"Èyí tí ń ba ìfun jẹ́ kì í kọjá mẹ́rin," mo ní. "Àmíbà mìíràn lèyí. Ó ń gbé inú ènìyàn, kì í pa á lára. Kò nílò oògùn."

"Kò nílò oògùn rárá?"

"Rárá. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé ìgbẹ́ ẹnì kan ti kan omi tàbí oúnjẹ tó jẹ. Ìyẹn la ó bi í."

Ó fi ojú sí awò náà fún ìgbà pípẹ́. "Bó bá jẹ́ mẹ́rin ńkọ́?"

"O ó tún béèrè. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́? Ṣé inú ń run ún? Nítorí ó ní ìbejì kan tí kì í ṣe nǹkan kan, ẹ̀rọ yìí kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí o bá sì ní láti wò ó, mẹtironidasóòlù ń pa èyí tó ti wọ inú ẹran ara. Èyí tó ń sùn nínú èèpo, agbára rẹ̀ kò tó o. Oògùn mìíràn ló ń tẹ̀lé e."

"Bàbá. Ẹ mọ gbogbo èyí."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Mo mú bírò láti kọ ìwé tuntun. Alásè wà lójú fèrèsé, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́.

"Bí wọn kò bá ṣe mí ní nǹkan," ó ní, "kí ló wá ń rẹ̀ mí?"

"Oògùn ni," mo ní.

"Ó ti ń rẹ̀ mí kí n tó wá síbí, Bàbá. Gbígbé ìkòkò ti di ogun fún mi láti ọdún tó kọjá."

Mo gbé bírò sílẹ̀.

Ohun tí mo ṣe nígbà mẹ́rin nìyí: mo rí sísìtì ní apá kan dígí, mo sì dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ti rí nǹkan, ojú rẹ̀ á sinmi. Mo gbé dígí omi iyọ̀ padà sábẹ́ awò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti igun, mo ń lọ, mo ń bọ̀, bí ẹni tí ń ro ebè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àárín kí n tó rí àkọ́kọ́. Ẹyin. Ó gùn róbótó, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, àyè mímọ́ yí ohun inú rẹ̀ ká. Ẹyin aràn amùjẹ̀. Mo rí mẹ́ta ní gbogbo dígí náà.

Mo gba ẹ̀jẹ̀ ní ìka Alásè, mo fi sínú ẹ̀rọ olóyì tó ń ya ẹ̀jẹ̀ pupa sọ́tọ̀ kúrò lára omi rẹ̀. Ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ pupa. Ó yẹ kó lé ní márùndínlógójì.

Nọ́ọ̀sì mú un jókòó. "Mọ́mì, ṣé ẹ máa ń rìn láìwọ bàtà?"

"Ní oko ẹ̀yìn ilé. Ta ló ń wọ bàtà lọ já ẹ̀fọ́?"

"Ibẹ̀ ni aràn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ yín ti ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Omi wo lẹ ń mu?"

"Kànga."

"Ẹ máa sè é. Ṣé ẹ lóyún?"

Alásè wò ó, ó wò mí, ó kọ háà. "Oyún! Àbíkẹ́yìn mi ti ní irùngbọ̀n. Bàbá, ẹ gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi."

"Ó gbọ́dọ̀ béèrè," mo ní. "A kì í fún aboyún ní oògùn aràn yìí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́."

Albẹndasóòlù kan ṣoṣo ló gbé mì lójú wa. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tún yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní kí ó má lo mẹtironidasóòlù mọ́.

Mo kọ ìwé náà. Ó gba gbogbo ojú ewé. Mo kọ orúkọ àmíbà náà, iye kóró rẹ̀, àti pé kì í fa àìsàn. Mo kọ ẹyin aràn náà. Mo kọ ọ́ pé aràn yìí kì í ti ọwọ́ alásè bọ́ sínú oúnjẹ, nítorí ẹyin rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa nínú ilẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, mo kọ ọ́ pé àwọn ìwé mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ kò pé, àti pé èmi ni mo kọ wọ́n. Mo fọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i lábẹ́ mi, ó fi kún un pé kí gbogbo ẹni tó wà ní ilé ìdáná máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Alásè dé láìgbé ike.

"Ọ̀gá wa kà á lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní. "Ó ní ìwé yìí kò mọ́, ó ṣì ní 'a rí' nínú. Mo ní kó ka ìsàlẹ̀. Ó kà á. Ó ní kí n wọlé ní ọjọ́ Ajé."

"Ó dára."

Kò lọ. Ó gbé ọwọ́ lé etí fèrèsé.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn ńkọ́, Bàbá?"

"Ọwọ́ mi ló ti wá."

Ó ronú sí i. Ó mi orí díẹ̀. "Mo gbọ́," ó ní. Kò ní kò burú. Kò ní ó ti tán. Ó lọ, ó ń rọra rìn. Ó wọ bàtà.

Mo ti fèrèsé. Mo kọ lẹ́tà áyódìn kejì. Lẹ́yìn náà, mo ṣí ìwé ńlá tí mo ń kọ orúkọ sí, mo bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tí áyódìn tán. A rí sísìtì. A rí sísìtì. Mo fi bírò pupa sàmì sí wọn. Wọ́n jẹ́ mọ́kànlélógójì.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Nọ́ọ̀sì. Ó ń fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bàsíà kan. Ó wo àwọn àmì pupa náà, ó wò mí.

"Gbogbo wọn?" ó ní.

"Gbogbo wọn. Ká pè wọ́n padà."

Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fa àga mìíràn sún mọ́ tábìlì. "Ẹ jókòó, Bàbá," ó ní. "Ẹ máa pè, kí n máa kọ."