Màmá Wà Lẹ́yìn Òbíríkítí

Tíṣà ìṣirò ni obìnrin náà. Ilé ìwé tó ti ń kọ́ni ti ti ìlẹ̀kùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù tó gbójú lé. Ìkànnì tí àwọn òbí ti ń wá tíṣà sì ní kó fi fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ò jayò pa: ojú lọ̀rọ̀ wà.

Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán ìpolówó jẹun, gbé fóònù sókè, ó yà á níbi fèrèsé. Ojú Tíṣà mọ́ kedere. Ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà ló kún fún wúruwùru: korobá àti aṣọ tútù lọ́tùn-ún, òògùn lórí tábìlì lósì, àti Màmá lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà.

"Ojú á tì mí o," ni Tíṣà wí.

"Kí ló fẹ́ tì yín, Àǹtí mi? Róbótó la máa gé e."

Ó fa òbíríkítí kan sórí fọ́tò náà, ó sọ ọ́ di kékeré títí tó fi ku ojú àti èjìká Tíṣà nìkan. Gbogbo wúruwùru ẹ̀gbẹ́ pòórá. O ò ní mọ̀ pé korobá wà láyé. Inú Tíṣà dùn dẹ́yìn.

Màmá nawọ́ gba fóònù. Ó wò ó títí.

"Ó dáa. Èmi náà dà?"

Tíṣà yíjú sí i. Ìgbà yẹn ni Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé Màmá ti wé gèlè búlúù tí kì í kúrò nínú àpótí. Látàárọ̀ ló ti wé e. Ó rò pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ń yà. Ojú wá ti Tíṣà gan-an, kì í sì í ṣe nítorí korobá mọ́.

"Ẹ ò tíì lọ, Màmá," ni àbúrò yára sọ. "Òbíríkítí yẹn kàn bò yín ni. Fọ́tò yẹn ṣì pé lẹ́yìn ẹ̀."

Tíṣà gba fóònù. Ó fi ìka méjì fẹ òbíríkítí náà títí tó fi kan òkè àti ìsàlẹ̀ fọ́tò, kò lè fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá tì í sósì díẹ̀díẹ̀. Gèlè búlúù wọlé. Korobá ò rójú ọ̀nà wọlé ní tiẹ̀.

"Àǹtí mi, ojú yín ti kéré. Etí yín kan sì ti bọ́ síta!"

"Ṣé etí ni mo fi ń kọ́ ìṣirò ni?" Ó tẹ bọ́tìnnì orí fóònù, fọ́tò náà wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Màmá tún gba fóònù, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló fajú ro.

"Báwo làwọn òbí á ṣe mọ èwo ni tíṣà nínú wa?"

"Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, wọn ò ní ṣìnà," ni Tíṣà dáhùn. "Ta ló kọ́ mi ní ení, èjì?"