Eruku Ọyẹ́ ní Enugu Road

Ìyá Ooreọ̀fẹ́ ní òun ò ní ta oúnjẹ fún mi mọ́. Lójú gbogbo oníbàárà ló ti sọ ọ́, tó sì na ìgbakọ sí jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán yanranyanran lọ́rùn mi.

"Bọ́ aṣọ eléruku yẹn sílẹ̀ kó o tó wọ búkà mi, Tósìn. Wolé-wolé wá lánàá. Wọ́n bá iyanrìn nínú ìrẹsì mi. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ajé tí àwọn bá tún bá a, àwọn á ti ibí pa. Ta ló kó iyanrìn wá? Ṣé èmi ni mò ń kọ́lé ni?"

Gbogbo abọ́ tó wà lórí tábìlì ló ti dé pa. Ìkòkò ọbẹ̀ ní ìdérí, ó tún fi nylon wé ìdérí náà. 

Kí n má purọ́, ẹjọ́ mi ni. Ilé ìtajà alájà mẹ́rin tí à ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búkà yẹn, èmi ni wọ́n gbà síbẹ̀ láti máa mójú tó eruku, ariwo àti pàǹtírí. Ìwé ètò kan wà tó sọ bí a ó ṣe máa ṣe é. Engineer Collins, ọ̀gá sáìtì, fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Kí n tún sọ èyí tó ń dùn mí jù: búkà yẹn ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Nínú Sabon Gari Kánò yìí, tí àwọn ọmọ wa ń fi Hausa dá wa lóhùn, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ "ṣé o ti jẹun?" bí ẹni pé ìyá mi ló ń bi mí. Bí wọ́n bá tì í pa, kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ìyá yẹn. Opó ni, kò sì kéré mọ́.

Mo padà sí sáìtì, inú ń bí mi bí iná. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí ohun tí ìwé náà sọ tí a ò ṣe. A fi tapólì bo òkìtì iyanrìn. A na àwọ̀n sára ilé. A so àwọn àgbá tí wọ́n ti gé ìdí wọn mọ́ra láti òkè dé ilẹ̀, kí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù máa gba inú wọn bọ́ sínú àpótí pàǹtírí, kí ẹnikẹ́ni má ju nǹkan sílẹ̀ láti òkè. Àpò sìmẹ́ńtì, a kì í sun ún. Àwọn oníbọ́là ló ń wá kó o. Iyanrìn wo ló wá ń wọ ìkòkò?

Mo dúró láàárín sáìtì, mo bu ẹ̀kúnwọ́ eruku, mo jù ú sókè.

Atẹ́gùn gbá a mú. Láti ìhà àdúgbò Brigade ni atẹ́gùn ti ń bọ̀, tààrà sí búkà Ìyá Ooreọ̀fẹ́ ló sì gbé e lọ.

Yéè! Mo gbé ọwọ́ lé orí. Inú òjò, nínú oṣù August, ni àwọn tó kọ ètò náà wá wo ilẹ̀ wa. Nígbà òjò, láti ẹ̀gbẹ́ búkà ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà tó wà ní ìhà Brigade. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a na àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kí a sì gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gé búlọ́ọ̀kù àti táìsì jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí ìdí ògiri búkà. Nígbà yẹn, ó dára. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti dé, atẹ́gùn ti yí padà, ìwé ò yí padà. Ọyẹ́ Kánò sì nìyí, kì í ṣe ọyẹ́ ọmọdé.

Mo sáré lọ bá Collins nínú ọ́fíìsì onípákó rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ kúrò nídìí búkà lónìí. Ká gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ká fi pákó yí i ká, ká sì so omi mọ́ ọn."

Kò gbójú sókè. "Tosin, plan na plan. Ibi tí wọ́n ní ká gbé e sí náà ló wà. Tí mo bá ń ṣí ẹ̀rọ kiri báyìí, ìgbà wo ni ilé máa parí? Ìyá yẹn ni kò fọ ìrẹsì rẹ̀."

Ẹ gbọ́ o! Mo fẹ́ bú u, mo gbé e mì. Mo lọ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, mo lọ bẹ Ìyá Ooreọ̀fẹ́ pé kó fún mi ní ìrẹsì àti ẹ̀wà kan. Ó wò mí títí, ó bù ú fún mi, ó sì dé e pinpin. Mo ṣí i níwájú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Mi ò dé e padà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ dé ọ́fíìsì.

Mo gbé e fún Collins. Ebi ń pa á, ó dúpẹ́, ó bù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, eyín rẹ̀ dún *kẹ́rẹ́*. Ó tutọ́ sínú ìwé.

"Mo sọ fún ẹ! Kò fọ̀ ọ́!"

"Ó fọ̀ ọ́, ọ̀gá. Mímọ́ ni mo gbà á. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ọ́fíìsì yín ni iyanrìn yìí ti wọ̀ ọ́. Búlọ́ọ̀kù wa lẹ ń jẹ. Ìyá yẹn ń jẹ ẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

Collins gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wo abọ́, ó wo ojú fèrèsé, níbi tí eruku funfun ti ń dìde nídìí ẹ̀rọ. Ó fi ahọ́n wá iyanrìn tó kù nínú eyín rẹ̀.

"Níbo lo ní ká gbé e sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ariwo ńkọ́? Ṣé àwọn yẹn máa gbà?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Tí mo bá gba ìyá kan lọ́wọ́ eruku, tí mo wá kó ariwo bo ìyá mìíràn, kí ni mo ṣe? Mo lọ bá Ìyá Àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lórí ẹní ni mo ti bá a, lẹ́sẹ̀ lásán, nínú aṣọ funfun. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo ẹjọ́ náà.

"Ẹ̀yin ará sáìtì," ó ní, "ẹ sọ fún wa pé ẹ ò ní pariwo lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣé ẹ rò pé ọjọ́ Ìsinmi nìkan la ń sin Ọlọ́run? Àárọ̀ Ọjọ́rú ni mò ń gbàdúrà fún àwọn aláboyún. Wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ síbí yìí. Ẹ̀rọ yín ń mú ọmọ ta nínú wọn láti ọ̀ọ́kán. Tẹ́ ẹ bá tún wá gbé e sún mọ́ wa ńkọ́?"

Ìwé wa ò mọ̀ nípa aláboyún kankan. Mo ní, "Ìyá, àárọ̀ Ọjọ́rú, a ò ní tan án. Ọjọ́ tó kù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò. Tí ó bá da àdúrà yín rú, màá fọwọ́ ara mi pa á."

Ọjọ́ kejì, a gbé ẹ̀rọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Nàfíù, fóómàn àwọn lébìrà, kan pákó nínípọn sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ó kọ ẹnu rẹ̀ sínú sáìtì. A so rọ́bà omi mọ́ ọn, kí ó máa da omi sí ojú irin tó ń gé. A tú àwọ̀n tó wà ní ìhà ṣọ́ọ̀ṣì, a nà án sí ìhà búkà. Nígbà tí Nàfíù tan ẹ̀rọ, mo wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n ariwo lọ́wọ́. Ìyá Àdúrà ò wo ẹ̀rọ mi rárá. Ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn jẹ́jẹ́ ni. Ó kọ ọ́ dé ìdajì, ó lanu rẹ́rìn-ín.

"Mo ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò gba orin lẹ́nu mi. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín. Ọjọ́rú o!"

"Ọjọ́rú, Ìyá."

Mo wá pàṣẹ fún Nàfíù pé kí ọyẹ́ tó gbéra láàárọ̀, kí wọ́n ti wọ́n omi sílẹ̀, kí wọ́n tún wọ́n ọn lọ́sàn-án. Ó ní, "To, Malama," pé òun ti gbọ́. Mo rò pé ó ti tán.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọyẹ́ le, bí bàbà ni oòrùn ń pọ́n lójú ọ̀run. Mo ń ti ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ nígbà tí mo rí ìkùukùu eruku tó ń lọ sí búkà. Ẹ̀rọ ò tíì tàn! Mo sáré. Kí ni mo rí? Nàfíù àti àwọn lébìrà rẹ̀, gbogbo wọn gbé ìgbálẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀ gbígbẹ fùrùfùrù!

"Nàfíù! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Inú rẹ̀ dùn gan-an. "Malama, wolé-wolé ń bọ̀. À ń tún ilẹ̀ ṣe dè é, ká tó wọ́n omi."

Olúwa mi! Kánò ni wọ́n bí wa sí. Bí àlejò bá ń bọ̀, a máa ń gbálẹ̀. Ta ló sọ fún un pé ìgbálẹ̀ lè ti búkà ẹnìkan pa? Èmi ni kò sọ fún un. Mo fi ẹsẹ̀ ti àgbá omi tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó ṣubú, omi rọ́ lọ káàkiri ilẹ̀. "Ẹ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀! Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì! Omi ṣáájú ìgbálẹ̀, lónìí àti títí láé!"

Ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Nígbà tí mo dé búkà, eruku ti bo gbogbo tábìlì. Ìyá Ooreọ̀fẹ́ dúró ti ìkòkò rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.  Collins ti tẹ̀lé mi wọlé.  Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó rẹ aṣọ sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì.

Bẹ́ẹ̀ ni wolé-wolé ṣe bá wa. Ó wo ẹnjiníà tó ń nu tábìlì, ó fi ìka fa igun kan tí a ò tíì dé, ó gbé ìka náà sókè. Ó funfun.

Mo lè dákẹ́. Collins ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Mo sọ fún wolé-wolé pé, "Ọ̀gá, tiwa nìyẹn. Sáìtì wa ló kó o wá, láàárọ̀ yìí gan-an. Ẹ ṣí ìkòkò ìyá wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá wo tiwa."

Ó ṣí ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ó tọ́ ìrẹsì wò, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Eyín rẹ̀ ò dún. Ó wá tẹ̀lé mi, ó ní kí Nàfíù gé búlọ́ọ̀kù kan lójú òun. Ẹrẹ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀, kò sí eruku tó gbéra. Ó wo àwọ̀n, ó wo ilẹ̀ tútù, ó yíjú sí Collins.

"Mi ò ní ti búkà. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, tí mo bá tún bá iyanrìn níbẹ̀, sáìtì yìí ni màá tì."

Collins mi orí pé òun ti gbọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó ní, "Tosin, o ti kó mi sí wàhálà." Mo ní, "Ibẹ̀ ló yẹ kí wàhálà náà wà, ọ̀gá." Ó kọ́kọ́ bojú jẹ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ọyẹ́ ń fẹ́. Mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Ooreọ̀fẹ́ tó ń bọ̀ láti búkà, tó ń rọra rìn kọjá láàárín sáìtì wa. Abọ́ ìrẹsì àti dòdò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dé e. Kò fi nylon bò ó. Ó gbé e bọ̀ báyìí, gbangba, títí ó fi dé iwájú mi.

"Ṣé o ti jẹun?" ó ní.

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo jẹ ẹ́ tán, jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn.