Ta Ló Ń Yọ Páìpù?

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: ẹ̀rín ìyàwó àbúrò mi ti pọ̀ jù fún mi. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà, ọwọ́ rẹ̀ ni èmi máa ń wò.

Ọkàn Màmá wa, tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi, ò lágbára mọ́. Dókítà ní kí yàrá rẹ̀ máa tutù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ká dá a padà sí ọsibítù. Mo ra ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tó ń yí lórí táyà kéékèèké. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi pákó dí àlàfo fèrèsé, ó lu ihò sí i, ó ki ẹnu páìpù bọ̀ ọ́. Ó ní, "Ooru inú yàrá ni páìpù yìí ń kó síta. Ẹ má ká a, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Tó bá fi lè yọ, inú yàrá ni ooru yẹn ń padà sí."

Lọ́jọ́ kejì, mo débẹ̀ lọ́sàn-án, yàrá gbóná janjan. Páìpù ti yọ, ó ń fẹ́ ooru sídìí bẹ́ẹ̀dì. Màmá ń làágùn, ó ní òun ò mọ ẹni tó yọ ọ́. Mo dá a padà sínú ihò rẹ̀, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, téèpù ti já. Háà! Àbúrò mi wà níbi iṣẹ́, ìyàwó nìkan ló wà nílé. Tí Màmá bá lọ sí ọsibítù, yàrá á di ti ọmọ tó ń bọ̀ lọ́nà. Ó ti yé mi!

"Ìyàwó, ṣé ìwọ lò ń yọ páìpù yẹn?"

"Àǹtí, mi ò fọwọ́ kàn án o."

Òógùn ti rin aṣọ rẹ̀ gbindin. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà á.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo yọ́ wọlé. Mo gbọ́ tí téèpù ń ya, fààà! Mo já ilẹ̀kùn wọlé.

"Ọwọ́ tẹ̀ ọ́!"

Màmá ni. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó di páìpù mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Kí ló dé tẹ́ ò pa ẹ̀rọ?"

"Ṣé mo mọ bọ́tìnnì rẹ̀ ni? Wo ìta."

Fèrèsé yàrá ìyàwó kọjú sí tiwa gan-an, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ. Inú rẹ̀ ni ooru wa ń lọ tààrà. Ìyàwó ti tì í pa.

"Oyún oṣù mẹ́jọ ló gbé," Màmá sọ. "Tí mo bá sì sọ fún ọ, ariwo rẹ á gba ilé."

Mo yọ pákó, mo ti ẹ̀rọ lọ sídìí fèrèsé kejì tó kọjú sí títì, mo dí i dáadáa, mo sì pa ti àkọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni mo kan ilẹ̀kùn ìyàwó.

Ó nà sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó fẹ́ dìde kí mi, mo dá a dúró. Ojú tì mí gan-an.

"Ọjọ́ mẹ́rin! Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ó fi etí aṣọ nu òógùn ojú rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀ bá gbà mí gbọ́ ni?"