Fìlà Pupa Orí Ìṣó

Nígbà tí Roukaya wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ní ọ̀sán Jímọ̀ náà, ìṣó ṣófo. Ó tẹ bọ́tìnì, ó fi kóòdù tuntun ránṣẹ́ sí sẹ́fà, kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn ilé ìgbẹ̀bí ń bá ṣiṣẹ́, ó sì dìde lọ bu omi mu. Kò tíì gbé ife kalẹ̀ tí tẹlifóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Màdáàmù Laure ni, agbẹ̀bí àgbà ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní àdúgbò Akron.

"Roukaya, kí lẹ fi ẹ̀rọ yín ṣe? Mo wọlé dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti tẹ orúkọ aláìsàn báyìí, àṣìṣe ló ń gbé jáde. Kò sí ẹyọ kan tó ṣí. Àwọn aboyún jókòó kún bẹ́ǹṣì níbí o!"

"Ẹ má bínú, Màdáàmù. A ti ń wò ó."

"Ẹ tètè wò ó. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò sì lè fi orí rántí oògùn tí mo kọ fún un. Àbí kí n máa méfò ni?"

Roukaya jókòó, ó ṣí ibi tí sẹ́fà ń kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí. Ìlà kan náà ló ń tò tẹ̀ léra wọn bí ìjàlọ: *la colonne patient.groupe_sanguin n'existe pas*. Báàsì ló ń fọhùn, ibi tí fáìlì gbogbo aláìsàn wà. Ó ń sọ pé òpó tí wọ́n fẹ́ máa kọ irú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí, nínú tábìlì àwọn aláìsàn, kò sí.

Kò sí? Ó tún ìlà náà kà.

Àwọn ilé ìgbẹ̀bí fúnra wọn ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ààyè irú ẹ̀jẹ̀ kún fáìlì. Roukaya kọ kóòdù rẹ̀. Sikirou, tó ń tọ́jú báàsì, ló yẹ kó fi òpó náà kún tábìlì. Irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mígírásíọ̀n, òun ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú kí kóòdù tẹ̀ lé e. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ dá a ṣe, nítorí mígírásíọ̀n kan ti ti tábìlì mọ́ àwọn agbẹ̀bí lójú rí, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ra fìlà pupa kan tí kì í ṣe ti ẹnì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan báàsì á gbé e kọ́ sórí ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí fìlà bá wà lórí ìṣó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi kóòdù ránṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹni náà á sọ ọ́ kalẹ̀, á sì dá a padà sínú àpótí. Ìlànà náà ti bá wọn lára mu débi pé ẹnì kan kì í bi ẹnì kejì ní ìbéèrè mọ́.

Láàárọ̀ yìí, ojú Roukaya báyìí ni Sikirou ṣe gbé fìlà náà kọ́. Nígbà tí Sikirou lọ kírun Jímọ̀, fìlà ò sí lórí ìṣó mọ́. Iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Òpó ti wà. Bí òpó bá wà, tí kò sì sí mọ́, ẹnì kan ló yọ ọ́.

Ta ni ọwọ́ rẹ̀ tún dé ibẹ̀?

Roukaya ò fẹ́ rò ó, ṣùgbọ́n ó ti ń rò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ kó lọ sí Parakou, Sikirou ni gbogbo èèyàn gbà pé yóò bọ́ sí ipò rẹ̀. Ó ju Roukaya lọ lọ́jọ́ orí, ó sì bá wọn dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Fátúndé, ẹni tó ni iṣẹ́, gbé e fún Roukaya, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, tó fi ìmọ́lẹ̀ ilé epo ka ìwé lásìkò tí wọ́n já iná ilé wọn ní Dowa. Sikirou rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ló ti ń pè é ní "ọ̀gá wa obìnrin," ohùn dídùn tí ẹ̀gún wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà náà ni tẹlifóònù rẹ̀ ti ń dún ṣáá, á jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò, á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á kẹ̀yìn sí fèrèsé. Roukaya gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan: "Kó tó mọ̀, á ti parí."

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu láìmọ̀. Gabriel, tó ń ṣe ojú ìwé tí àwọn agbẹ̀bí ń rí, gbójú sókè níbi tó jókòó sí lápá kejì yàrá.

"Tanti, ta ló kú?"

"Wá wo nǹkan."

Gabriel wá, ó ka ìlà náà. "Ha, ìdí nìyí tí gbogbo rẹ̀ fi kú. ORM yẹn ni." ORM ni ògbufọ̀ tó wà láàárín kóòdù àti báàsì. Ohun tí kóòdù bá fẹ́, òun ló ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí báàsì gbọ́. "Ẹ ti sọ fún un pé irú ẹ̀jẹ̀ wà lára aláìsàn. Gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ mú aláìsàn jáde, gbogbo òpó tó mọ̀ ló ń dárúkọ. Ì báà ṣe orúkọ nìkan ni Màdáàmù Laure fẹ́ wò, á béèrè irú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká dá kóòdù àná padà ná. Àwọn obìnrin á rí ìtọ́jú, a ó wá máa wádìí."

"Rárá."

"Rárá kẹ̀?"

"Bí a bá dá a padà, àṣìṣe á dákẹ́. Ta ló máa gbà mí gbọ́ nígbà náà pé ẹnì kan ló yọ òpó yìí?"

Gabriel wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. "Ẹnì kan bíi ta ni?"

Roukaya ti ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó wá kọ́kọ́rọ́ tí Sikirou fi ń wọ sẹ́fà, ó sì tì í pa, kó má lè wọlé mọ́. Lẹ́yìn náà ló pe Fátúndé, tó wà ní Cotonou.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Báàsì ti bàjẹ́. Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n Sikirou mọ̀ nípa rẹ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú? Sikirou bá mi láti ìbẹ̀rẹ̀, Roukaya."

"Òun nìkan ló fọwọ́ kàn án láàárọ̀ yìí."

"Ó dáa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó má fọwọ́ kan nǹkankan mọ́. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, mo máa dá a dúró níṣẹ́. Ṣùgbọ́n rí i dájú o. Èèyàn kì í fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré."

Nígbà tó gbé tẹlifóònù kalẹ̀, Gabriel ṣì dúró síbẹ̀. Kò bínú. Ó ń họ irùngbọ̀n.

"Tanti, òwe tí ẹ pa lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí ẹ ní àjẹ́ pa jẹ."

"Kí ló ṣe é?"

"Ṣé ẹ dájú pé wọ́n tiẹ̀ ti bí ọmọ náà?"

Roukaya ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gbọ́. Báàsì ní tábìlì kékeré kan tó ń kọ orúkọ mígírásíọ̀n kọ̀ọ̀kan sí nígbà tó bá ti wọlé. Bí Sikirou bá fi òpó kún tábìlì, tó wá fọwọ́ yọ ọ́, orúkọ mígírásíọ̀n náà á ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣí i. Èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni ti ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n ti ṣe tipẹ́. Ti irú ẹ̀jẹ̀ ò sí níbẹ̀.

"Ó lè ti pa ìyẹn náà rẹ́," ni ó sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ó lè pa á rẹ́. Ẹnì kan sì lè gbàgbé. Tanti, èwo ló wọ́pọ̀ jù nílé yìí?"

Ìgbà yẹn ni Màdáàmù Laure tún pè. Roukaya ò gbé e. Ó dá kóòdù àná padà. Ògbufọ̀ gbàgbé irú ẹ̀jẹ̀, ìlà pupa dáwọ́ dúró, ó sì wá pe Akron padà. Ó gbọ́ bí agbẹ̀bí náà ṣe ń ka orúkọ oògùn sókè, tó ń sọ pé, "Ó ti ṣí! Ọlọ́run ṣeun! Ìyá, ẹ bọ́ síbí." Ìtìjú mú Roukaya. Láti ìgbà tí Gabriel ti sọ ọ́ ni ìyá yẹn ì bá ti dìde lórí bẹ́ǹṣì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Sikirou wọlé nínú agbádá funfun, òórùn tùràrí ń bọ̀ lára rẹ̀. Fìlà pupa wà lórí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá wa obìnrin, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi fọ fìlà mi, mo gbàgbé òmíràn sílé. Ṣé kí n lọ fi orí lásán kírun láàárín àwọn àna mi ni? Mo yá ti ibi iṣẹ́ wa yìí." Ó ṣí i lórí, ó sì gbé e padà kọ́ sórí ìṣó. "Ẹ má fi nǹkankan ránṣẹ́ o. Wọ́n já iná lóru, ẹ̀dà báàsì tí mo ń ṣe pẹ́ kó tó parí. Mi ò lè ṣe mígírásíọ̀n láìní ẹ̀dà lọ́wọ́. Ìsinsìnyí ni mo fẹ́ ṣe é."

Gabriel bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu kíákíá.

Sikirou jókòó, ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó dúró. Ó tún un tẹ̀.

"Ó ní mi ò láṣẹ láti wọlé." Ó yíjú padà. Ó wo Gabriel, Gabriel ń wo ilẹ̀. Ó wo Roukaya, ó wo ìṣó, ó tún wo Roukaya. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń fà sínú iyanrìn. "Ìwọ lo tì í."

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"O rò pé mo yọ ọ́."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Mo sì ti sọ fún ọ̀gá."

Kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo. "Fìlà yìí, ẹ̀bi mi ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù wà lọ́wọ́ rẹ. O lè bi mí."

"Ẹ ti pa tiyín nítorí ìrun."

"Ìrun kì í pẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, Roukaya."

Roukaya ṣí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un, ó sì pe Fátúndé. Ó fi ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo yàrá lè gbọ́.

"Ọ̀gá, irọ́ ni mo pa fún yín. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni ò yọ òpó. Òpó ò tíì sí rí. Èmi ni mo fi kóòdù ṣáájú mígírásíọ̀n. Mo rí i pé fìlà ò sí lórí ìṣó, mi ò béèrè. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni dúró."

"Ṣé Sikirou wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí," Sikirou sọ.

"A ó sọ̀rọ̀ bí mo bá dé. Gbogbo wa."

Sikirou ṣe mígírásíọ̀n náà. Ìṣẹ́jú àáyá ni, òpó wọlé, orúkọ rẹ̀ sì wọ tábìlì kékeré yẹn. Ó dìde, ó mú fìlà kúrò lórí ìṣó, ó mú un wá síwájú Roukaya, ó gbé e lé orí tábìlì rẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Mo ti parí. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́ yìí. O lè fi kóòdù rẹ ránṣẹ́."

Ó fi ránṣẹ́. Wọ́n jọ wo ibi tí sẹ́fà ń kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí, kò sí ìlà pupa. Gabriel pe Akron, ó ní kí wọ́n fi irú ẹ̀jẹ̀ ìyá kan dán an wò, ẹ̀rọ sì gbà á.

Tẹlifóònù Sikirou dún. Ó wo ojú rẹ̀, ó dìde, ó jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò bí ìṣe rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Fèrèsé wà nítòsí Roukaya, ó sì ṣí. Ó na ọwọ́, ó pa á dé. Ó wá jókòó ti fìlà pupa náà, ó ń retí kí Sikirou wọlé, kó lè bi í nípa gbólóhùn tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn.