Ohùn Òòlù Tí Mo Fún Gbogbo Ayé

Ìméèlì méje ló wọlé láàárín wákàtí kan. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, níbi tí a máa ń kó awọ sí, kọ̀ǹpútà mi wà lórí tábìlì kékeré kan láàárín agolo gọ́ọ̀mù àti ìdì òwú. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ẹ̀rọ ìkànnì fídíò tó ń fetí sí ohun tí a gbé síbẹ̀ ti bá ohùn ẹlòmíì nínú fídíò wa, ẹni tó ni ohùn náà ti gbé ẹ̀sùn dìde, fídíò á ṣì máa wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n owó ìpolówó tó bá ti orí rẹ̀ wá, ẹni náà ni yóò máa gbà á.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Aránbàtà ni. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ bàtà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo sì ń to fídíò rẹ̀. Àǹtí kì í gba orin láyè. Ó ní ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ òòlù, torí bí àtẹ́lẹ̀ bá ti jókòó dáadáa, ohùn rẹ̀ á yàtọ̀. Àmọ́ kámẹ́rà kì í gbọ́ òòlù dáadáa láàárín ariwo ìgboro. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gba ohùn òòlù sílẹ̀ lọ́tọ̀, èmi àti òòlù lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, kí n tó wá fi wọ́n sábẹ́ àwòrán.

Mo tẹ ẹ̀sùn àkọ́kọ́. Orin tí wọ́n ní a jí ń jẹ́ "Ariwo Ọwọ́". Mo gbọ́ ọ. Wọ́n da ìlù ẹ̀rọ lé e lórí, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìlù náà, òòlù kan ń lù: ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sinmi, ẹ̀ẹ̀mejì, èyí tó kẹ́yìn sì yọ̀ díẹ̀, torí ìdí òòlù ti mì lọ́jọ́ tí mo gbà á sílẹ̀. Èmi ni mo lù ú. Ìyá kì í ṣi ẹkún ọmọ rẹ̀ mọ̀.

Orúkọ ẹni tó ni orin náà ni mo wá wò. Ẹlẹ́nu Dídùn ni.

Ọdún méjì ni Ẹlẹ́nu Dídùn fi gbé kámẹ́rà fún wa. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò lè ta ọjà fún. Ọjọ́ tó ń lọ, Àǹtí ní kó fi àwọn fáìlì sílẹ̀ fún mi. Ẹlẹ́nu Dídùn bú sẹ́rìn-ín níwájú èèyàn mẹ́fà. Ó ní, "Ẹni tí kò lè kí èèyàn mẹ́ta láìwolẹ̀, kí ló mọ̀ nípa fídíò? Ariwo òòlù nìkan ló mọ̀." Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Èmi gbé bàtà tó wà lọ́wọ́ mi, mo sì wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Láti oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń dá a lóhùn nínú orí mi, tí kò gbọ́.

Mo ṣí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ní kí wọ́n yọ fídíò ẹlòmíì kúrò. Ìkànnì rẹ̀ ni mo fẹ́ pa. Bí wọ́n bá yọ fídíò mẹ́ta lórí ìkànnì kan láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n á ti ìkànnì náà pa. Mo ti ka fídíò rẹ̀ méjìlá tí òòlù mi wà nínú wọn. Àmọ́ nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, wọ́n ní kí n búra pé èmi ni mo ni ẹ̀tọ́ lórí ohùn náà, àti pé ẹni tó lò ó kò gba àṣẹ.

Àǹtí dúró lẹ́yìn mi, ó ń fi aṣọ nu gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́. Ó bi mí pé báwo ni ohùn inú kọ̀ǹpútà wa ṣe dọ́wọ́ ìta gan-an.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbé ohùn òòlù, ti ayùn àti ti abẹ́rẹ́ lórí awọ lọ sí ìkànnì kan tí àwọn èèyàn ń kó ohùn ọ̀fẹ́ sí. Wọ́n ní kí n mú irú àṣẹ tí mo fẹ́. Ọ̀kan ní kí wọ́n lò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n dárúkọ mi. Òmíràn ní kí wọ́n dárúkọ mi, kí wọ́n má sì fi ṣòwò. Ẹ̀kẹta ní mo yọwọ́ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni lò ó bó ṣe wù ú. Ẹ̀kẹta ni mo mú. Kì í ṣe inú rere. Ojú ló ń tì mí kí orúkọ mi máa kiri. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá ti fún ayé, kò ṣeé gbà padà mọ́.

"Ṣé o fún un ni, àbí o ò fún un?" Àǹtí bi mí.

"Gbogbo ayé ni mo fún, Àǹtí."

"Ẹlẹ́nu Dídùn náà wà láyé."

Mo pa fọ́ọ̀mù náà dé. Bí mo bá búra èké, ìkànnì Àǹtí ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì, kí wọ́n tó kan ti Ẹlẹ́nu Dídùn. Ó ní ẹ̀tọ́ láti lo òòlù mi. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo tún ìwé òfin ẹ̀rọ tó ń fetí sí fídíò kà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì rí i. Ohun tó bá jẹ́ tìrẹ nìkan ṣoṣo ni wọ́n gbà ọ́ láàyè láti fún ẹ̀rọ yẹn, kó máa bá ọ wá a kiri. Ìlù tó dà lé e jẹ́ ti Ẹlẹ́nu Dídùn. Òòlù jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Ó lè bu omi nínú kànga, kò sẹ́ni tó máa mú un. Àmọ́ ó ti fi ọgbà yí kànga ká, ó sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ó gbé orin náà fún ilé-iṣẹ́ tó ń pín orin kiri, ó fọwọ́ sí i pé kò sí ohun ẹlòmíì nínú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ìbúra tí èmi ò lè ṣe, òun ti ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ àtakò sí ẹ̀sùn méjèèje. Mi ò jẹ́ kó kọjá ọjọ́ márùn-ún, torí bí èèyàn bá tètè ta kò ó, wọ́n á dá owó náà dúró títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo kọ orúkọ ohùn náà, ojú ìwé tó wà, ọjọ́ tí mo gbé e síbẹ̀, irú àṣẹ tó wà lórí rẹ̀, àti ìṣẹ́jú tó ti dún nínú fídíò kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo lè ṣe. Lábẹ́ ojú ìwé ohùn náà, àwọn tó ti lò ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sílẹ̀. Mo kọ̀wé sí gbogbo wọn, èèyàn mẹ́tàlélógún, èmi tí mi ò lè kí èèyàn mẹ́ta. Ẹ̀sùn ti kan mọ́kànlá nínú wọn. Káfíńtà kan wà níbẹ̀. Tíṣà kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rù ti mú kó pa fídíò tó ṣe fáwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ rẹ́. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má pa ohunkóhun rẹ́ mọ́, wọn ò jalè, mo sì fi ọ̀nà hàn wọ́n. Gbogbo wọn kọ̀wé, sí àwọn tó ni ẹ̀rọ àti sí ilé-iṣẹ́ tó ń pín orin. Ẹ̀san ò gbóògùn, àwọn àgbà wí.

Ọjọ́ kẹsàn-án, èsì dé: ẹ̀sùn ṣì dúró. Ẹlẹ́nu Dídùn ti sọ fún wọn pé òun ló ni ín.

Àǹtí jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà fi ń wọn bàtà. Mo ṣàlàyé fún un pé a lè pe ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ bí wọn ò bá fi wá sílẹ̀ nígbà yẹn, yíyọ fídíò ló kù, àmì ìjìyà á sì wọ ìkànnì wa. Mẹ́ta irú rẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà di òfo. Mo ní ẹyọ kan ṣoṣo ni máa kọ́kọ́ pè, èyí tó pẹ́ jù, kó fi jẹ́ pé bó bá burú, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa kàn.

Ó wò mí títí. "Ṣé òtítọ́ ló ń tì ọ́, àbí ìbínú?"

"Méjèèjì ni, Àǹtí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Jẹ́ kí òtítọ́ ṣáájú."

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi fídíò náà sílẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fi mẹ́fà tó kù sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín orin kọ̀wé sí mi, wọ́n béèrè fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀, mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìró èémí mi tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èsì wọn kò gùn. Wọ́n ti yọ orin náà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ti yọ orin yòókù tí Ẹlẹ́nu Dídùn gbé wá náà, wọn ò sì ní bá a ṣe mọ́ láé. Ìpinnu yìí kò ní àtúnyẹ̀wò. Mo ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn bí ẹni ń lá oyin. Mi ò fi han Àǹtí.

Ọjọ́ kẹta ni Ẹlẹ́nu Dídùn dé, òun àti ìyá rẹ̀. Ìyá náà jẹ́ àgbàlagbà jẹ́jẹ́, Àǹtí ti bá a tún bàtà rẹ̀ ṣe rí. Àǹtí fún un ní ìjókòó. Ọmọ rẹ̀ ń wá ibi tó máa jókòó sí. Àga kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, mo gbé awọ lé e.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ òun sọ pé èdè-àìyedè ni, pé ohùn kan tí wọ́n jọ ṣe nígbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fa wàhálà, ẹ jọ̀ọ́, kí a bá a kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Ẹlẹ́nu Dídùn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n kàn kọ ọ́ pé mo fún òun láṣẹ.

Mo gbójú sókè, mo wò ó.

"Níwájú ìyá ẹ," mo ní, "ta ló lu òòlù yẹn?"

Ó ní a jọ ni.

"Ta ló lù ú?"

Àwọn oníbàárà méjì ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. Òógùn ń yọ níwájú orí Ẹlẹ́nu Dídùn, ó sì ń wo ilẹ̀.

"Ìwọ ni," ó ní. "Ìwọ lo lù ú. Mo búra fún wọn pé tèmi ni."

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

"O ṣé," mo ní. "Àmọ́ kò sí ìwé tí mo lè kọ. Láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, àtúnyẹ̀wò ò sí."

Ó gbójú sókè. "O ti mọ̀ kí o tó bi mí?"

"Mo ti mọ̀. Ohùn òòlù ṣì wà níbẹ̀ o. Bó bá wù ẹ́, lọ gbà á bíi gbogbo ayé, mi ò lè dá ẹ dúró."

Ìyá rẹ̀ dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí, kò sì dúró de ọmọ rẹ̀ kó tó jáde. Òun náà tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Àǹtí ń wò mí bí ẹni pé àlejò kan ló wọlé. Kò yìn mí, kò sì bá mi wí. Ó ní, "Gbé awọ kúrò lórí àga, oníbàárà ń bọ̀." Mo gbé e kúrò. Ara mi fúyẹ́, n ò ní purọ́.